CV Tí Kò Sọ Pé Ó Lọ́kọ

Dieudonné Akíntọ́lá kì í ka ìwé ìyàwó rẹ̀. Ó máa ń fi yangàn pé nínú ilé tòun, kálukú ló ní àpò tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò sí nínú àpò ńkọ́? Ìwé tí Sidonie, obìnrin tó ń bá gbogbo àdúgbò Nzeng-Ayong ní Libreville tẹ ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, nà sí i láìfi nǹkan kan bò ó? Keziah ìyàwó rẹ̀ ló ní kó bá òun gbà á bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó gbà á, ó sì ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ká má parọ́ fúnra wa, fọ́tò Keziah ni bàbá fẹ́ wò.

Kò sí fọ́tò níbẹ̀.

Ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Orúkọ Keziah wà lókè, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, àdírẹ́sì í-meèlì náà wà níbẹ̀, àti orúkọ ìlú, Libreville. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ló kàn. Kò sí ọjọ́ ìbí. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ti wá. Níbi tí ọ̀rọ̀ méjì kan ti máa ń wà, èyí tó ń sọ pé obìnrin yìí lọ́kọ, ó sì bímọ mẹ́ta, òfìfo ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀. CV tí Keziah ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá, Dieudonné fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í tí wọ́n fi ṣe é. Òun ló mú un lọ ya fọ́tò, òun ló ní kó má rẹ́rìn-ín jù kí wọ́n má baà rò pé kò ka nǹkan sí. Lábẹ́ fọ́tò yẹn ló to ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí, àti ibi tí wọ́n ti bí i, àti pé ó lọ́kọ, àti iye ọmọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Libreville nìyẹn: ọ̀gá tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ á kọ́kọ́ wo ojú rẹ, á wò ó bóyá o nílé tí ò ń bọ̀ sí. Dieudonné tún fi tiẹ̀ kún un, ó kọ ọ́ pé Kristẹni ni, nítorí bí bàbá rẹ̀ ti máa ń kọ tiẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn, láti orí ìlú títí dórí ẹ̀sìn. Lójú rẹ̀, èèyàn tí kò sọ ará ilé rẹ̀ fúnni, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ó sì mọ ibi tí ìwé náà ń lọ. Iléeṣẹ́ kan ní Moncton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tó ń ta ohun èlò fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ń wá ẹni tí yóò máa ṣètò ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí wọn, ẹni tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Keziah gbọ́ méjèèjì. Òun àti Dieudonné ti jọ gbàdúrà sí i. Àdéhùn wọn ni pé bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, gbogbo ilé ló ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni iléeṣẹ́ náà máa ti ìlẹ̀kùn, wọn ò ní gba ìwé ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ó bá wá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń lọ, kí ló dé tí gbogbo ilé ò sí nínú ìwé? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ó ń sọ ọ́ sínú títí tó fi délé, kódà nígbà tí onítakisí ń bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ sọ̀, ìyẹn gan-an ló fẹ́ fi dá a lóhùn.

Keziah ń gé ẹ̀fọ́ gbọ́mọ́ lọ́wọ́ nílé ìdáná nígbà tó wọlé. Audrey, ọmọ wọn àgbà, ń bá àbúrò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àmúrelé ní pálọ̀. Dieudonné kò dúró kí ẹnikẹ́ni kí i.

“Ìyá Audrey, níbo ni mo wà nínú ìwé yìí?”

Keziah gbójú sókè. Ó rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀. Ẹ ti kà á nìyẹn.”

“Mo kà á. Mo wá ara mi, n kò rí i. Mo wá Audrey, n kò rí i. Àfi bíi pé ọmọge kan ló ń wáṣẹ́. Ṣé bó o ṣe fẹ́ lọ nìyẹn, bí ọmọge?”

“Bàbá Audrey, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ.” Ó fi aṣọ nu ọwọ́. “Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n pe gbogbo àwa tó fẹ́ kọ̀wé jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wà ní Port-Gentil nígbà yẹn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi fọ́tò sí i. Kò sí ọjọ́ ìbí, kò sí ọkọ, kò sí ọmọ, kò sí ẹ̀sìn. Òfin wọn ò fẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn yan èèyàn. Bí o bá kọ ọ́ ránṣẹ́, ńṣe lò ń kó bá ẹni tó fẹ́ kà á. Àwọn mìíràn á gbé CV bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnì kan má baà wá sọ lọ́la pé ojú ni wọ́n wò tí wọ́n fi mú èèyàn.”

“Kí wọ́n máà mọ̀ pé o lọ́kọ?”

“Wọ́n á mọ̀. Ìwé ìwọ̀lú máa bèèrè gbogbo yín, lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti fọ́tò. Níbẹ̀, bí mo bá yọ ẹnì kan sílẹ̀, irọ́ ni mo pa, wọ́n sì lè torí ẹ̀ lé mi padà. Ìwé méjì nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yìí, iṣẹ́ nìkan ló ń sọ.”

Ọ̀rọ̀ náà yé Dieudonné, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ nínú, ohun méjì tó yàtọ̀ sì nìyẹn. Ó jókòó lórí àga ilé ìdáná, ó tún ìwé náà kà láti òkè, ó ń wá ibi tí yóò ti rí ẹjọ́ mìíràn rò. Ó sì rí i.

“Kí ni èyí? O ṣiṣẹ́ ní èbúté Owendo títí di ọdún 2018. Níbi ilé ìkóògùnsí tí o wà báyìí, o bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Àárín rẹ̀ ńkọ́?”

Keziah fa àga kan súnmọ́ ọn.

“Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn,” ló wí. “Nínú CV tiwa, kò sẹ́ni tó ń bèèrè àárín yẹn. Wọ́n á rí i pé mo bímọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á parí. Ní báyìí tí mo ti yọ àwọn ọmọ kúrò, ihò náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí wọ́n bá pè mí láti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.”

“Kọ ọ́ pé ò ń tọ́mọ.”

“Wọ́n ní mo lè kọ ọ́ pé mo dúró fún ọ̀rọ̀ ẹbí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀.” Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa. “Àmọ́ ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ṣé ilé ni mo jókòó sí?”

Ní àwọn ọdún yẹn, Dieudonné ti gba iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní àwọn ibùdó òṣìṣẹ́ elépo ní Port-Gentil. Á lọ, á pẹ́, á wálé díẹ̀, á tún lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fíríìjì ṣe ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní PK8, Keziah ló ń ṣí i láàárọ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Òun ló ń ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀, òun ló ń mọ èyí tó jẹ́ ayédèrú, òun ló lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì kọ̀ọ̀kan tó wọlé, kí ẹ̀rọ ẹnì kan má baà lọ bá ẹlòmíràn. Gbogbo ìwọ̀nyí, kò sẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ ni. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀? Ó ń bá a wò ó ni. Bí wọ́n bá bi Dieudonné ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó ńkọ́, á ní, “Ó wà nílé, ó ń sinmi, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ.” Ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín ọkùnrin tó ń bọ́ ilé.

“Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú CV,” Keziah ní. “Pé èmi ni mo bójú tó ṣọ́ọ̀bù PK8. Àmọ́ wọ́n máa wádìí. Mo nílò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, kí ẹ kọ ohun tí mo ṣe síbẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i.”

Ó yẹ kí bàbá yìí dákẹ́. Bí ó bá ti dákẹ́ ni, ìtàn yìí ì bá kúrú.

“Ìwé ẹ̀rí kẹ̀? Ìyàwó ló ń gbàwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọkọ? Iṣẹ́ wo lo ṣe tó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ìyàwó ń ṣe?”

Audrey yọjú láti pálọ̀. “Papa, c’est pas vrai, ça, kì í ṣòótọ́. Màmá ló ń ṣe gbogbo ẹ̀.”

“Lọ jókòó,” Keziah sọ fún un jẹ́ẹ́. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó padà sídìí gbọ́mọ́. “Ẹ má bínú. Màá kọ ọ́ pé mo jókòó.”

Wọ́n jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà. Ìyẹn gan-an ló ba Dieudonné nínú jẹ́. Ó mọ bí Keziah ti ń jà bí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ṣì lè ní àtúnṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní PK8, àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá, eruku ń bá wọn lọ. Nùrúdíìnì, ará orílẹ̀-èdè Benin tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wá bá a. Dieudonné ò lè pa á mọ́ra. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un: fọ́tò, ọkọ, ọmọ, ìwé ẹ̀rí. Ó retí pé ọkùnrin bíi tòun á bá òun bínú.

“Tí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù,” Nùrúdíìnì ní. “Bí wọn ò bá fẹ́ fọ́tò, kó má fi sí i. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Èyí tó kù yẹn ló yà mí lẹ́nu, mon frère. O ní kò ṣiṣẹ́?”

“N kò sọ pé kò ṣe nǹkan kan o. Mo ní...”

“Èmi ni mo wà níbí, ìwọ lo wà ní Port-Gentil. Nígbà tí òjò wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ, ta ló wá kàn mí nílẹ̀kùn pé kí n wá jó pẹpẹ kó lè gbé àwọn ẹ̀rọ sókè? O rí pẹpẹ yẹn? Lójoojúmọ́ lò ń gbé irinṣẹ́ lé e.” Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. “Bóyá ó wá bá mi fún ìsinmi ni.”

Ó lọ, kò wẹ̀yìn. Ojú ti Dieudonné, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ti rí. Ó wọlé, ó mú bébà kan, ó ní òun á kọ ìwé ẹ̀rí ọ̀hún kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ orúkọ Keziah. Ó dé ibi tí ó yẹ kó kọ ohun tó ṣe, ó dúró. Ta ni Keziah ń ra gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọjà wọ́n? Àwọn ọmọṣẹ́ mélòó ló kọ́? Oníbàárà wo ló sá lọ, èwo ló dá padà, kí ló ṣe tó fi dá a padà? Kò mọ̀. Ó ti jẹ èrè ọdún wọ̀nyẹn, kò bèèrè bí wọ́n ti gbìn ín.

Nígbà tó wá rántí pé àwọn ará Moncton máa rí i pé Akíntọ́lá ló ń jẹ́rìí Akíntọ́lá, ó fi kálàmù sílẹ̀. Ẹ̀rí tí ọkọ bá jẹ́ fún ìyàwó, ta ni yóò kà á sí? Wọ́n nílò ẹlòmíràn, ẹni tó rí i. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Victorine.

Victorine ọmọ Gabon ni, ó ń ta ẹja dídì, àwọn yàrá yìnyín rẹ̀ tóbi, ṣọ́ọ̀bù PK8 ló sì ń bá a tọ́jú wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Dieudonné kí i lédè Faransé, ó ṣàlàyé ohun tó bá wá: ìyàwó òun ń wáṣẹ́ ní Kánádà, wọ́n lè pe oníbàárà kan láti bèèrè bó ti ṣiṣẹ́ sí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ṣé madame lè gbà kí wọ́n pè é?

“Madame Keziah?” Victorine fi ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kí wọ́n pè mí ní aago tó bá wù wọ́n. Ọjọ́ tí gbogbo yàrá mi dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ Ọdún Àjíǹde, ó kó gáàsì wá bá mi, ó dúró ti àwọn ọmọṣẹ́ títí yìnyín fi mú padà. N kò sọ ẹja kan nù.” Ó wá wo Dieudonné láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ, mo mọ̀ ọ́ lójú. Ìwọ ni technicien tí ó gbà síṣẹ́ lẹ́yìn náà, àbí?”

Dieudonné la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà létí ahọ́n rẹ̀, pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, pé orúkọ òun ló wà lókè ilẹ̀kùn. Ó gbé e mì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, madame,” ló wí. “Ẹ ṣeun.”

Nígbà tó délé, ó jókòó ti Keziah lórí àga ìjókòó, bébà àti kálàmù lọ́wọ́, ó ní, “Sọ ohun tí o ṣe fún mi. Má fi nǹkan kan sílẹ̀.” Keziah kọ́kọ́ rò pé ó ń fòun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Dieudonné ń bèèrè, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú CV gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Kánádà ti ń fẹ́ ẹ, ohun tó bá ṣe àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ: ọjà tí kì í tán mọ́, ayédèrú tí kò wọlé mọ́, àwọn ọmọṣẹ́ tó kọ́ tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ojú ewé méjì péré ni wọ́n fún un láyè, wọ́n sì ní láti gé e títí ó fi wọ̀ ọ́. Nígbà tí Keziah ń kà á jáde, ó dánu dúró lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ṣé èmi rèé?” Kò sí fọ́tò kankan níbẹ̀, síbẹ̀ Dieudonné rí ìyàwó rẹ̀ nínú ìwé yẹn ju bó ti rí i nínú èyí tóun fúnra rẹ̀ kọ lọ. Ó dùn ún pé ẹni tó wà ní Moncton, tí kò rí i rí, ló wá jẹ́ kóun mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fi ránṣẹ́ kí Ọjọ́ Ẹtì tó pé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Keziah láti bá a sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó jókòó ní pálọ̀, ó wọ búláòsì funfun, àwọn ọmọ wà ní yàrá. Dieudonné dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí i, ó ní òun ń fọ abọ́. Abọ́ kan náà ló ń fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan ló ń bèèrè ọ̀rọ̀, Faransé rẹ̀ ní ohùn mìíràn lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó yéni. Ó bèèrè nípa Owendo, ó bèèrè nípa ilé ìkóògùnsí, ó bọ́ sórí PK8. Ó fẹ́ mọ bí ó ṣe ń mọ ayédèrú yàtọ̀. Keziah sọ ọ́ fún un, ohùn rẹ̀ balẹ̀, àfi bíi pé ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní èyí dára gan-an.

“Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ta ni ọ̀gá yín?” ló bèèrè. “Ta lẹ ń jíṣẹ́ fún?”

Nílé ìdáná, Dieudonné dá ọwọ́ dúró nínú omi.

“Ẹni tó ni ín máa ń lọ sí Port-Gentil fún iṣẹ́,” Keziah ní. “Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ń dá pinnu.”

Òótọ́ ni. Dieudonné mi orí síbi tó wà, bíi pé òun ni wọ́n bi.

“Ó dára. Tí a bá fẹ́ bèèrè nípa yín, ṣé òun ni ká pè?”

“Rárá o. Ẹ pe Madame Victorine, oníbàárà wa ni, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.” Keziah tẹjú mọ́ kámẹ́rà. “Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi ni.”

Nígbà tí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀, ńṣe ló rọra ń sọ ọ́, ó fẹ́ tọ́ Keziah sọ́nà kí nǹkan má baà bàjẹ́ fún un.

“Madame, a ò bi yín ní ìyẹn. Ẹ ò ní láti sọ ọ́ fún wa.”

“Mo mọ̀,” ni Keziah wí. “Ó wù mí láti sọ ọ́ ni.”